Bí a ṣe lè sọ ọ́ síta pé ọmọ tí a ti kéde kò dúró

*"Ẹ káàárọ̀, mà. Oṣù karùn-ún ni mo gbé àwòrán oyún mi sí WhatsApp àti Facebook, tí gbogbo èèyàn bá mi yọ̀. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 26, ọmọ kú sínú. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Wọ́n ṣì ń bi mí pé ìgbà wo làwọn máa wá jẹ ìkómọ. Ìyá ọkọ mi ní a kì í sọ irú ẹ̀ síta. Ṣé kí n kọ ọ́ ni àbí kí n dákẹ́? Bí mo bá máa kọ ọ́, kí ni kí n kọ tí kò ní di ọ̀rọ̀ ẹnu ayé?" — Ìyàwó ilé kan, Ìbàdàn*

Àbúrò mi, ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run yóò tù yín nínú.

Kọ ọ́, ṣùgbọ́n kọ ọ́ ní ṣókí, má sì jẹ́ kó kọjá ibi tí ìkéde oyún yẹn dé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ ni mo máa ń sọ báyìí fún. Ẹni tí tirẹ̀ wálẹ̀ ní oṣù kejì, tó jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ó lè dákẹ́ títí láé, ó sì lè sọ ọ́ nígbà tó bá wù ú. Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ pàápàá, ìgbà tó ń kéde ní ọdún 2015 pé òun àti ìyàwó òun ń retí ọmọbìnrin ló tó sọ pé oyún ti bàjẹ́ lára ìyàwó òun lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú. Ó ráyè dúró nítorí pé àwọn èèyàn kò mọ̀ nípa àwọn oyún yẹn.

Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. O ti sọ fún wọn pé ò ń retí ọmọ, wọ́n sì ń bá ọ ka oṣù. Oyún rẹ ti pé ọ̀sẹ̀ 26, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ti kọjá. Bí a bá fi ọ̀sẹ̀ 40 ṣírò rẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11 ló kù kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ ní kílíníìkì pé. Ìbéèrè tí ò ń gbọ́ báyìí kò tíì tó nǹkan. Bí ọjọ́ yẹn bá ṣe ń sún mọ́ ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ yóò máa pè láti béèrè bóyá a ti gbóhùn ìyá, a ti gbóhùn ọmọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wàá máa tún un sọ fún, lórí fóònù, ní ọjà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ohun tí o máa kọ ṣe: kó dá ìbéèrè dúró. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wàá ti sunkún ọmọ rẹ. Ẹkún yẹn ní ibi tirẹ̀, lọ́dọ̀ ọkọ rẹ, lọ́dọ̀ ìyá rẹ, lọ́dọ̀ ẹni tó lè jókòó tì ọ́ láìsọ nǹkan kan.

Má ṣe rò pé ìyá ọkọ rẹ ò fẹ́ràn rẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn ìyá wa dàgbà nìyẹn. Òfò ọmọ ni wọ́n ń pè é, wọn kì í jẹ́ kí ìyá rí ibi tí wọ́n sin ọmọ sí, wọn kì í sì jẹ́ kó rojọ́ rẹ̀ kiri. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹnu ayé yóò máa dúró de oyún tó ń bọ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má bàa sọ ilé ọmọ wọn ní ilé àbíkú. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí ohun tó pọ̀: bó ṣe ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí dókítà sọ, àwòrán ọmọ, kò sí ọ̀kan tó yẹ kó dé ojú gbogbo èèyàn. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni pé kí ẹ dákẹ́ pátápátá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò lè bo ohun tí èèyàn ti mọ ìdajì rẹ̀. Ṣe ló máa ń jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wá ìdajì kejì.

Ọkọ rẹ ni kó bá màmá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ. Kó jókòó tì wọ́n, kó sì sọ ọ́ báyìí:

"Màmá, a ò ní sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, a ò sì ní gbé àwòrán kankan síta. A kàn fẹ́ kí wọ́n yéé bi ìyàwó mi léèrè ìkómọ ni. Ohun tí a fẹ́ kọ rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó, kí ẹ sọ ohun tó yẹ ká yọ níbẹ̀."

Mo ti rí i pé bí a bá fún àgbàlagbà láàyè láti yọ nǹkan, gbólóhùn kan ni wọ́n sábà máa ń yọ, wọn á sì gbà. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, tí ọkọ rẹ sì wà lẹ́yìn wọn, má dá nìkan gbé e síta. Ìjà ilé lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò dùn ọ́ ju ìbéèrè àwọn ará àdúgbò lọ. Àwọn èsì ẹnìkan-sí-ẹnìkan tí mo kọ sísàlẹ̀ yóò tó ọ lò.

Kí ohunkóhun tó jáde, àwọn kan gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn. Àwọn òbí ìhà méjèèjì, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, àti ẹnikẹ́ni tó ti ra nǹkan fún ọmọ náà. Má gbàgbé àwọn tó wà lókè òkun. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tó bá jí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì jẹ́ pé orí fóònù ló ti rí i pẹ̀lú àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ yín dáadáa, ọgbẹ́ yẹn kì í tètè jinná. Kì í ṣe ìwọ ni wàá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wá ẹnì kan, àbúrò rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ kan tó lè sọ ọ́ láìbú sẹ́kún, kó bá ọ ṣe é. Èyí ni kó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọ̀gá rẹ:

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá àwọn sọ fún yín pé ọmọ tí wọ́n ń retí kú kí wọ́n tó bí i. Ara wọn ti ń bọ̀ sípò. Wọ́n bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wọn sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n tó padà dé, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi wọ́n léèrè ọmọ. Wọn ò tíì lè gba àlejò báyìí. Ẹ ṣeun, mà."

Wo gbólóhùn tó ní kí wọ́n sọ fún àwọn yòókù *kí wọ́n tó padà dé*. Bí kò bá sí i níbẹ̀, ọ̀gá á pa á mọ́ra torí ó rò pé àṣírí ni, ọjọ́ tí o bá wọlé ni ẹnì kan yóò wo ikùn rẹ, tí yóò sì pariwo pé "Ẹ kú ewu ọmọ!"

Ní ti ohun tí wàá kọ gan-an, ọ̀rọ̀ tí kò yéni ló máa ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ìyàwó kan tí mo tọ́jú gbé àwòrán dúdú tó ní àbẹ́là sórí Status ní òru, kò kọ nǹkan kan sí i ju "Kí ló dé, Olúwa?" Kó tó di àárọ̀, àwọn èèyàn ti ń pe ọkọ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Ìyá rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò, ó wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì mọ ẹni tó kú títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́dọ̀ tiwa, àbẹ́là lórí àwòrán dúdú ń sọ pé ẹnì kan ti kú, kò sì sọ ẹni náà. "A pàdánù ohun iyebíye" náà kò yàtọ̀, àwọn kan á rò pé owó ni.

Lẹ́yìn náà, òun àti èmi jọ jókòó kọ òmíràn. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí, ó sì gbà kí n máa fi han àwọn ẹlòmíràn:

"Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí. Mo gbé e fún oṣù mẹ́fà, mo ra gbogbo ẹrù rẹ̀, mo ṣe gbogbo ohun tí dókítà ní kí n ṣe, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀ mọ́. Bóyá ká ní mo tètè lọ ni. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún wa."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì ní kó dà á kọ sínú ìwé rẹ̀ kó tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi í pé, "Ta ló máa fèsì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan?" Ẹni tó bá ka "Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí" yóò fẹ́ sọ ìdí tí òun rò fún un, ìran yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ka "ká ní mo tètè lọ" yóò béèrè pé ọjọ́ wo ló kíyè sí i, ilé ìwòsàn wo ló lọ, kí ló dé tí kò lọ sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ irú ikú ọmọ inú yìí, àwọn dókítà pàápàá kì í rí ohun tó fà á. Ẹni tó sì ka "ẹ máa gbàdúrà" láìsí ohun mìíràn yóò kó ẹgbẹ́ aládùúrà wá sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. A yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ohun tó ṣẹlẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe rí, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn ṣe. Lórí Status, bó ṣe jáde nìyí:

"Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́ wa, ọmọ tí à ń retí kú kí a tó bí i. Ara mi ń bọ̀ sípò. Ẹ ṣeun fún ìfẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè, ẹ má sì tíì wá sílé. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, a ó kà á bí a kò tilẹ̀ lè fèsì."

Kò sí ìdí nínú rẹ̀, ẹnu kò sì rí ibi wọlé. "Ọmọ wa kú kí a tó bí i" le lẹ́nu, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa kà á tí yóò tún bèèrè ìkómọ. Bí ó bá le jù fún ọ, "ọmọ tí à ń retí kò dúró fún wa" rọ̀ díẹ̀, àwọn Yorùbá á sì lóye rẹ̀. Èyí tí mi ò fẹ́ kí o kọ ni pé oyún "ṣẹ́", nítorí àwọn kan yóò kà á sí pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹ ni.

Lórí Facebook, níbi tí àwọn tó pọ̀ ti bá ọ yọ̀, o lè fi ìdúpẹ́ sí i, kó má bàa dà bíi pé o kàn tilẹ̀kùn mọ́ wọn:

"Ọ̀pọ̀ yín ló bá wa yọ̀ nígbà tí a sọ pé à ń retí ọmọ. Ó dùn wá láti sọ fún yín pé ọmọ náà kú kí a tó bí i. A ti wà nílé, ara mi sì ń yá díẹ̀díẹ̀. A ò tíì lè sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè. Inú wa dùn pé ẹ fẹ́ràn ọmọ wa ṣáájú kó tó dé. — Orúkọ ìwọ àti ọkọ rẹ"

Jẹ́ kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀. Èyí máa ń dín in kù pé kí wọ́n máa wá ẹ̀bi sọ́dọ̀ ìyá nìkan. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, "Innā lillāhi wa innā ilayhi rājiūn" ni kó ṣáájú, ṣùgbọ́n kí gbólóhùn tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, torí ìyẹn nìkan yóò tún mú kí wọ́n máa bèèrè ẹni tó kú. Bí ẹ bá ti fún ọmọ náà lórúkọ láàárín ara yín, kò pọn dandan kó jáde. Mo mọ àwọn tí inú wọn dùn pé àwọn kọ ọ́, mo sì mọ àwọn tó ń sọ pé ká ní àwọn fi pamọ́ ni. Ẹ lè fi sílẹ̀ ná. Èyí tí ẹ kò kọ lónìí ṣì ṣeé kọ lọ́dún tó ń bọ̀, èyí tó bá sì ti jáde kò ṣeé dá padà.

Kí o tó tẹ̀ ẹ́, tún ẹni tó máa rí i ṣe. Ní WhatsApp, wọ "Settings", lẹ́yìn náà "Privacy", kí o sì yan "Status". "My contacts except…" ni wàá fi yọ oníbàárà, òǹtajà àti àwọn tí ẹnu wọn kò dákẹ́. "Only share with…" ni wàá sì lò bó bá jẹ́ ìwọ̀nba èèyàn lo fẹ́. Àtúnṣe yìí kò kan Status tó ti jáde ṣáájú, nítorí náà, òun ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Wákàtí 24 ni Status ń lò kó tó pòórá. Kó tó pòórá, jẹ́ kí ẹni tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ yẹ orúkọ àwọn tó ti wò ó wò. Àwọn tó ṣe pàtàkì tí kò bá sí níbẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́ sí ní ìkọ̀kọ̀. Má sì gbàgbé pé ẹnikẹ́ni lè ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Èyí tó máa bà ọ́ nínú jẹ́ bó bá dé ìta, má kọ ọ́ sí ibi kankan.

Ní Facebook, "Friends" ni kó jẹ́, kì í ṣe "Public". Má pa àwòrán oyún tó wà níbẹ̀ rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Yí i sí "Only me". Wọn ò ní rí i mọ́, kò sì ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́ bí o bá fẹ́ rí i lọ́jọ́ iwájú. Lórí ọ̀rọ̀ tuntun náà, tẹ "Turn off notifications for this post" kí fóònù má bàa máa dún ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá kọ nǹkan. Àárọ̀ ni kí o gbé e síta, ní ọjọ́ tí ẹnì kan wà nílé pẹ̀lú rẹ, kí o sì gbé fóònù náà fún onítọ̀hún títí di alẹ́.

Wọn yóò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀pọ̀ jù lọ ni yóò kọ ọ́, ire ni wọ́n sì fi ń ṣe: wọ́n ń dúpẹ́ pé ìwọ wà láàyè. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ kì í ṣe omi lójú rẹ, ó sì lè gún ọ lọ́kàn. O kò ní láti kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. "Ẹ ṣeun, àmín" ti tó, ẹni tó di fóònù mú sì lè bá ọ kọ ọ́. Ẹni tó bá kọ ohun tó burú, bíi ẹ̀sùn tàbí àlàyé nípa ẹni tó ṣe é fún ọ, kó pa á rẹ́ láìfèsì. Àwọn kan yóò wá sí ìkọ̀kọ̀ láti sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn náà rí, àwọn tí o kò ronú kàn. Ẹrù wọn lè wúwo fún ọ báyìí. Èyí ni kí o fi dá wọn lóhùn:

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Mo kà á. Nígbà tí ara mi bá gbà á, màá pè yín."

Fún àwọn tí kò rí nǹkan kan, tí wọ́n sì tún béèrè pé ìkómọ ńkọ́:

"Ẹ ṣeun, mà. Ọmọ náà kò dúró fún wa. Ara mi ti ń yá, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀."

Fi í pamọ́ sínú fóònù rẹ, kó máa jẹ́ pé wàá kàn fi ránṣẹ́ ni. Kọ́ ọ lẹ́nu pẹ̀lú, torí ọjà. Bí ó bá jẹ́ ojúkojú, lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, béèrè iye tí wọ́n ń ta ata, ọ̀pọ̀ èèyàn yóò lóye.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Bí o bá ní áàpù oyún lórí fóònù, yíyọ ọ́ nìkan kì í dá ìwé ìkíni rẹ̀ lórí ímeèlì dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí a ti ń sọ pé oyún náà ti bàjẹ́, nínú "Settings". Jẹ́ kí ọkọ rẹ bá ọ ṣe é. Ní Facebook, lábẹ́ "Ad preferences", "Ad topics", o lè wá "Parenting", kí o sì tẹ "See less", kí ìpolówó aṣọ ọmọ lè dín kù.

Bí o bá ń ní ibà, bí ohun tó ń jáde lára rẹ bá ń rùn, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù, tàbí bí ó bá ń ṣe ọ́ bíi pé kí o tẹ̀lé ọmọ náà lọ, fi gbogbo kíkọ yìí sílẹ̀, kí o sì lọ sílé ìwòsàn lónìí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, má dá nìkan wà pẹ̀lú rẹ̀, sọ ọ́ fún ọkọ rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá fún ọ ní kílíníìkì, sàmì sí i lórí kàlẹ́ńdà báyìí, kí ọkọ rẹ àti àbúrò rẹ mọ̀ ọ́n. O kò ní láti kọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ náà. Bó bá wù ọ́, "Only share with…" ni kí o lò, sí àwọn tó jọ bá ọ gbé e nìkan:

"Ọ̀sẹ̀ yìí ni à bá gbé ọmọ wa lọ́wọ́. Ẹ bá wa rántí rẹ̀."

Bó bá sì jẹ́ pé ìbéèrè tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nígbà yẹn, kí ọkọ rẹ máa dáhùn ìpè rẹ fún ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú gbólóhùn kan náà tí ẹ ti ń lò látẹ̀yìn wá.